Nígbà tí ẹlẹ́ran bá ní "Albarka", kò tíì gbà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ Hausa kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi náà di oníjà láàárín ọjà.

Ìtòsí Iléyá ni, mo lọ ra àgbò ní ọjà ẹran Dei-Dei, ní Àbújá. Ẹlẹ́ran ní ₦320,000, mo ní ₦220,000. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní, "Albarka." Àlùbáríkà tiwa ni mo gbọ́, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ló kúkú bí méjèèjì. Mo ní ó ti súre sí owó mi nìyẹn, mo bá ń kà á. Ó rọra dá ọwọ́ mi dúró: "Albarka." Inú ti ń bí mi. Bàbá alápatà kan tó jẹ́ ará wa ló gbà mí: "Ẹ̀gbọ́n, kò gbà o. Owó yín kò tó."

Lẹ́nu ìnájà, bí ẹlẹ́ran bá dá "Albarka" pè láìfi nǹkan mìíràn kún un, ó kọ iye tí ẹ dá nìyẹn. Bó bá gbà, "sallama" lẹ máa gbọ́: "Na sallama." Ẹ̀yìn tówó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ni àdúrà gidi ń wáyé, odidi gbólóhùn sì ni: "Allah ya sa albarka." Àmín lẹ ó ṣe sí ìyẹn.

Ẹ má fetí nìkan gbọ́ ọ, ẹ wo okùn. Ẹni tó gbà á tú okùn àgbò kúrò lára èèkàn. Ẹni tó ní "Albarka" tó ṣì ń wojú yín, tàbí tó dá iye mìíràn, ẹ lè fi díẹ̀ kún un. Bó bá ti yíjú sí oníbàárà mìíràn, ẹ máa lọ ní tiyín.

Èmi ò pè é ní ẹ̀tàn o. Ojú ń tì wọ́n láti sọ "rárá" gbàgà sí ẹni tó nawọ́ owó sí wọn. Àwa náà ńkọ́? Wọ́n ní ká wá jẹun, a ní "Á gba ibi ire." Àdúrà ni, àmọ́ a ò ní jẹ.

Tiwa náà sì ń ṣi àwọn lọ́nà. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran yìí, mo ti ná ti ẹnìkan, owó rẹ̀ wọ́n, mo sì ní "Ina zuwa," bí a ṣe ń sọ pé "Mò ń bọ̀" fún ìyá aláta tí a ò ní padà sí. Nígbà tí mo ń fa àgbò mi lọ nírọ̀lẹ́, mo rí i lábẹ́ igi. Ó ti so àgbò náà lọ́tọ̀, ó ń dúró dè mí.