Bí A Ṣe Ń Pín Lébẹ́ẹ̀lì Ike Roboto: Iwájú, Ọ̀tún àti Òsì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́tà ẹ̀pà oní 500 gíráàmù ló wà lórí tábìlì yìí, inú ike roboto la rọ ọ́ sí. Lébẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo la fẹ́ fi yí i ká. Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí là ń wò lónìí, torí ọ̀rọ̀ lè pé lórí lébẹ́ẹ̀lì kí ẹni tó ń rà á má sì rí i.

Ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú òwú, ẹ fi yí ikùn ike náà ká, kí ẹ wá tẹ́ òwú yẹn sórí rúlà. Tiwa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22. Tó bá kan gíga, ibi tó dúró ṣánṣán nìkan ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ wo ibí yìí, níbi tí ike ti ń tẹ̀ wọnú lọ sí ọrùn: bí bébà bá fi dé ibẹ̀, ó máa hunjọ ni. Ibi tó ṣánṣán jẹ́ 8. A fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ó ku 7. Gígùn lébẹ́ẹ̀lì wá jẹ́ 22.6, torí pé mìlímítà 6 tó lé yẹn ni etí kan máa fi gun orí ìkejì. Ẹ má kọ ohunkóhun sí etí tó máa wà lábẹ́, ó máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ó kan pípín. Bí ẹ bá di ike roboto mú síwájú ojú yín, ẹ ò lè rí ìdajì rẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yí kúrò lójú. Ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ kà sí iwájú. Nínú 22, ìyẹn jẹ́ 8.8. Àárín lébẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi í sí, kí ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ lè wà lẹ́yìn. Ó ku 6.6 lọ́tùn-ún, 6.6 lósì.

Iwájú ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ tí ẹ sọ ọjà yín, orúkọ ohun tó jẹ́ gan-an, àti ìwọ̀n rẹ̀. "Adùn" nìkan kò tó, ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ ka "Bọ́tà ẹ̀pà". Kódẹ́ẹ̀sì, ìlànà oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń wò ṣe òfin tiwọn, ní kí èèyàn lè rí orúkọ oúnjẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ lójú kan náà. Ìdí nìyẹn tí a ò fi gbé ìwọ̀n lọ sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ iwájú ni kó wà, kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó mìlímítà 5, kí àyè òfìfo yí i ká. Ohun tó wà nínú ike nìkan là ń kọ. Ike òfìfo yìí pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ wọn 60 gíráàmù, nítorí náà 560 ni òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ fi hàn. Bó bá fi 500 hàn, ẹ ti jẹ oníbàárà ní gbèsè 60.

Ọ̀tún ni èròjà máa wà. Bí wọ́n ṣe wúwo tó nígbà tí ẹ ń pò wọ́n pọ̀ la fi ń tò wọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe dùn lẹ́nu. Kílò 10 tiwa gba ẹ̀pà kílò 9, ṣúgà gíráàmù 600, òróró 300, iyọ̀ 100. Nítorí náà: ẹ̀pà, ṣúgà, òróró, iyọ̀. Abẹ́ rẹ̀ tààrà ni kí ẹ fi lẹ́tà tó dúdú kọ "Ó ní ẹ̀pà nínú". Ẹ̀pà wà lára ohun tí ara àwọn kan kì í gbà rárá, ó lè pa ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ ẹ̀pà náà lẹ fi ń lọ sóyà, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n á ṣe tọ́jú rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ yín àti àdírẹ́sì rẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Òsì gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, bákóòdù, àti àpótí tí ẹ máa lu ọjọ́ àti nọ́ńbà báàṣì sí. Ẹ dá bákóòdù dùbúlẹ̀, kí ìlà rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn, kí yíyí ike má bàa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi pupa tẹ ìlà rẹ̀, torí iná pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń kà á, kò ní rí i.

Ẹ sọ fún atẹ̀wé kó má fi ọ̀rá dídán bo àpótí ọjọ́ yẹn, torí yíǹkì òǹtẹ̀ kì í wọ ara ọ̀rá. Kẹ́ ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún, ẹ tẹ ẹyọ kan ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ lu ọjọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi àtàǹpàkò tó ní òróró ra á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí ọjọ́ yẹn bá ti ń ràn, ẹ pààrọ̀ yíǹkì tàbí bébà.