Lẹ́tà sí tíṣà ọmọ yín: ẹ má kọ "ọmọ mi ò ṣe dáadáa"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀ẹ́ fẹ́ kọ̀wé sí tíṣà kíláàsì ọmọ yín pé kẹ́ ẹ jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọmọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa kí i, ìyẹn ò le. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í nìyí: ẹ máa kọ "ọmọ mi ò ṣe dáadáa", ó tán! Kí ni kí tíṣà fi ìyẹn ṣe? Ó dà bí ẹni wakọ̀ lọ bá mẹkáníìkì tó ní "mọ́tò mi ò dáa". Ó dáa, kí ló ń ṣe é, ṣé tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń dún ni àbí kì í stáàtì láàárọ̀?

Lẹ́tà tèmi àkọ́kọ́, ojú ewé méjì, ìbínú lásán ló kún inú ẹ̀. Tíṣà gbé e lọ bá ọ̀gá wọn, ìgbà tí mo fi máa débẹ̀ èèyàn mẹ́ta ti ń dúró dè mí, àfi bíi pé mo jalè!

Ó yá, ẹ wo irú èyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni màmá Tèmi, Pírámárì Kẹrin. Nínú ìṣirò, 16 nínú 20 ló gbà ní tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, 7 ló gbà ní ìkejì. Nílé, ó mọ ìlọ́po dáadáa, àmọ́ tí mo bá fún un ní 1/2 + 1/3, 2/5 ló máa ń kọ. Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣé Túsìdeè ni àbí Tọ́sìdeè, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìwé tẹ́ẹ̀sì méjèèjì sílẹ̀."

Ṣé ẹ rí 2/5 yẹn? Ọmọ ń ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Kí tíṣà tó kà á tán ló ti mọ ibi tó ń dùn ún. OHUN TẸ́ Ẹ FOJÚ RÍ NI KẸ́ Ẹ KỌ, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò pé ó fà á! Ẹ má kọ "ẹ ò kọ́ ọ dáadáa" o, torí tíṣà á kàn máa gbèjà ara ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọmọ á sì bọ́ sọnù.

Ẹ̀ẹ́ sì tètè kọ ọ́. Ilé ìwé tó ń fi 40 fún tẹ́ẹ̀sì tó sì fi 60 fún ìdánwò, Tèmi ti ní 23, 60 ṣì wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró de ripọ́ọ̀tù ńkọ́? Táàmù ti parí nìyẹn.

Ẹ má sì lọ dá tíṣà dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ o, ogójì ọmọ ló ń wọlé lé e lórí! Tí ò bá fèsì lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo rán an létí, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ rí lẹ́tà mi?", kẹ́ ẹ tó lọ bá ọ̀gá wọn.