Ṣé ríìngì ló jẹ ni, àbí sìlíńdà? Títú ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ palẹ̀

Ẹ́ńjìnnì Honda GX160 ló wà lórí tábìlì yìí, irú èyí tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré. Èéfín aláwọ̀ búlúù ló ń yọ, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń lọ. Ẹ má kàn ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì tó ń dún sínú àkójọ iṣẹ́ yín. Ẹni tó mọṣẹ́ á béèrè ohun tẹ́ ẹ wọ̀n.

Ẹ yọ bóòtù mẹ́rin orí sìlíńdà, lẹ́yìn náà ìdérí ẹ̀gbẹ́. Kẹ́ ẹ tó fa kámù jáde, ẹ ya fọ́tò àmì kékeré tó wà lára gíà rẹ̀ àti ti kíránkì: wọ́n gbọ́dọ̀ dojú kọra. Ẹ ha èédú tó lẹ̀ mọ́ ẹnu sìlíńdà kúrò, torí ríìngì, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìn ká, lè ṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ti písítìn jáde.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Ẹ fi ríìngì tòkè sínú sìlíńdà lásán, kẹ́ ẹ sì fi orí písítìn tì í wọlé kó lè dúró dọ́gba. Ẹnu ríìngì kì í pàdé. Àlàfo yẹn la ó fi fílà géèjì wọ̀n, ìyẹn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára. Tuntun máa ń wà láàárín 0.2 sí 0.4 mìlímítà. Tó bá kọjá 1.0, kò wúlò mọ́. Ká ní èyí jẹ́ 1.15: ó ti kọjá.

Ẹ dúró ná o. Ẹ fi ríìngì tuntun sí ibì kan náà, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 0.35, ríìngì nìkan ló jẹ. Tó bá ṣì jẹ́ 0.8, sìlíńdà ti fẹ̀, torí bí sìlíńdà bá fẹ̀ sí i ní 0.1, ẹnu ríìngì á là sí i ní bíi 0.3. Ríìngì tuntun kò ní dá èéfín yẹn dúró. Ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ẹ̀rọ láti fẹ̀ ẹ́ fún písítìn tó tóbi jù, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù. Ẹ kọ ìwọ̀n méjèèjì sílẹ̀, ti àtijọ́ àti ti tuntun, pẹ̀lú fọ́tò géèjì.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó, ẹ dojú àmì ara ríìngì sókè, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì pa á, kẹ́ ẹ sì pín ẹnu wọn káàkiri písítìn. Ẹ di bóòtù kọ́nírọ́ọ̀dù ní 12 Nm, ti orí sìlíńdà ní 24 Nm, lọ́nà àgbélébùú díẹ̀díẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí kíránkì lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó bo ìdérí. Bó bá há níbì kan, ẹ tún un tú. Ẹ rọ ọ́ìlì bíi 0.6 lítà kẹ́ ẹ tó fa okùn.

Fáàfù ló kù, ẹ wọn àlàfo rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: 0.15 mìlímítà fún ti àbáwọlé, 0.20 fún ti èéfín.