Ta Ló Mú Ìgò Náà Le?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èmi fúnra mi ti kùnà. Níbí ní Yaba, mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama àgbà ní ohun tí ìwé kẹ́mísírì ń pè ní dàìnámíìkì ekuilíbíríọ́ọ̀mù. Ìdọ́gba aláìsinmi lèmi ń pè é. Mo fi Tọ́ọ̀dì Mélàndì ṣàpẹẹrẹ: bí 1,000 ọkọ̀ bá wọ Erékùṣù láàárín wákàtí kan, tí 1,000 sì jáde, iye tó wà lọ́hùn-ún ò yí padà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kankan ò jókòó.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Sà, ṣé ọkọ̀ Erékùṣù àti ti Mélàndì wá pé iye kan náà ni?"

Mo ní rárá, ìwọlé àti ìjáde ló dọ́gba, kì í ṣe iye. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò wọlé.

Ọjọ́ kejì ló gbé ìgò mínírà oníke kan wá bá mi. Ó ti wọ dánfó Ọbáléndé ní Adékúnlé lẹ́yìn ilé ìwé, ó sì ra mínírà náà lójú fèrèsé ọkọ̀. Ìgò náà le koko, kò sí ìhó kan nínú rẹ̀. Bó ṣe yí ìdérí rẹ̀, ó ké ṣìììì, ìhó kéékèèké sì ń ti ìsàlẹ̀ rú wá sókè. Ó mu díẹ̀, ó pa á dé. Nígbà yẹn, ìgò ti rọ̀, ó ń ró pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lábẹ́ ìka. Gosiló wá mú wọn lórí afárá. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ọbáléndé, ó tún ìgò náà tẹ̀: ó ti le padà.

"Sà, mo ti pa á dé, nǹkan kan ò wọ inú ẹ̀. Ta ló mú un le?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn ju àkàwé bíríìjì mi lọ.

Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ni wọ́n fi agbára tì sínú omi dídùn yẹn. Nínú ìgò tí a ò tíì ṣí, gáàsì ń kúrò nínú omi lọ sí àyè tó wà lọ́rùn ìgò, òmíràn ń ti ọrùn ìgò wọ inú omi padà. Ẹ jẹ́ ká ní ẹyọ gáàsì 100 ń jáde, 100 ń wọlé, ní ìṣẹ́jú àáyá kan; èmi ni mo fọwọ́ mú 100 yìí o, iye gidi pọ̀ kọjá kíkà. A ò rí nǹkan kan nítorí pé méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Kò sì pọn dandan kí gáàsì tó wà nínú omi bá èyí tó wà lọ́rùn dọ́gba.

A ṣí i. Gáàsì ọrùn ìgò sá lọ. Èyí tó ń jáde látinú omi ṣì tó 100, ṣùgbọ́n èyí tó ń padà ò ju ẹyọ kan lọ, nítorí afẹ́fẹ́ wa ò ní ju nǹkan bí ìdá 0.04 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì yìí lọ. Ìyàtọ̀ 99 yẹn la ń rí bí ìhó.

A pa á dé padà. Gáàsì tó ń jáde ò ríbi lọ, ó ń kó jọ sọ́rùn ìgò, ìyẹn ló mú un le. Bó ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ ni èyí tó ń padà ń lọ sókè: 20, 40, 55. Èyí tó ń jáde ń wálẹ̀, torí omi ti pàdánù díẹ̀: 90, 75, 65. Wọ́n pàdé, ká ní ní 60. Ìdọ́gba tuntun nìyẹn, kì í ṣe ti àtijọ́, ìdí sì nìyẹn tí ìgò náà ò fi le tó ti àkọ́kọ́. (Àwọn tó máa ń fún ike náà pọ̀ kí wọ́n tó dé e, ẹ ẹ̀ ràn án lọ́wọ́: bó bá tún fẹ̀, àyè tí gáàsì máa kún ti pọ̀ sí i.)

Mo bi í pé, "Ṣé kì í ṣe oòrùn ló fà á?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí omi tó bá gbóná kì í lè di gáàsì mú bíi tútù. Mo ní kó tún un ṣe, kó ri ìgò náà sínú garawa omi tó ti wà nínú ilé látàárọ̀, kí ooru má bàa yí padà.

Ó tún un ṣe, ó sì fi ti ara rẹ̀ kún un: ìgò méjì kan náà ló ṣí, tó mu ìwọ̀n kan náà nínú wọn, tó sì dé. Ó mi ọ̀kan dáadáa, ó fi èkejì sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó wá ri méjèèjì sínú garawa. Èyí tó mì le kíákíá. Èkejì ò le títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó jí láàárọ̀ tó tẹ méjèèjì wò, ó ní òun ò mọ èwo lòun mì mọ́.