Oògùn Ojoojúmọ́ fún Ẹni Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ń Yí: Ìránnilétí Tó Ń Tẹ̀lé Rósítà

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kì í bọ́ sí àsìkò kan náà lójoojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí bí òṣìṣẹ́ ṣíìfù ṣe lè máa rántí lo oògùn rẹ̀. Apòògùn ni mí, ohun tí mò ń bá pàdé nídìí káúńtà ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì àti ọlọ́dẹ tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi ló ti gbé álàámù sínú fóònù, aago 7 àárọ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n fi káàdì oògùn hàn mí, èyí tó kù níbẹ̀ máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Álàámù ń dún lóòótọ́, oògùn ni ò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan, ká fi í ṣe àpẹẹrẹ. Amúlódípíìnì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ni dókítà kọ fún un, ẹyọ kan lójúmọ́. Ọjọ́ 8 ni rósítà rẹ̀ fi ń yípo: iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ 2, láti aago 8 sí aago 2, iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ 2, láti aago 2 sí aago 8 alẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ 2, láti aago 8 alẹ́ títí di aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà, ọ́ọ̀fù ọjọ́ 2. Níbo ni aago 7 àárọ̀ ti ń bá a? Lọ́jọ́ iṣẹ́ àárọ̀, inú ọkọ̀ ló wà, oògùn wà nílé. Lọ́jọ́ iṣẹ́ ọ̀sán, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Bí iṣẹ́ alẹ́ bá ń parí lọ, ó wà nínú wọ́ọ̀dù, ó ń múra láti fa iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe sí álàámù náà ni pé kó pa á. Àtàǹpàkò á sì kọ́ ọ. Bó bá yá, ọwọ́ á ti máa pa á kí ojú tó rí ohun tó wà lára rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tó jókòó sílé tí oògùn wà níwájú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó gbàgbé aago, kó máa lo oògùn nígbà tó bá jí. Èmi náà rò pé ó dára títí mo fi gbé e lé ìwé. Ẹ bá mi ṣírò. Lọ́jọ́ iṣẹ́ àárọ̀ méjèèjì, aago 5 ààbọ̀ ló ń jí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ ọ̀sán méjèèjì àti lọ́jọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́, aago 7 ààbọ̀ ni. Lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́, ó délé, ó sùn, aago 3 ààbọ̀ ọ̀sán ló tó jí. Lẹ́yìn alẹ́ kejì, kì í fẹ́ sùn pẹ́ kí ó má bàa dí oorun òru lọ́wọ́, nítorí náà aago 1 ló ti dìde. Ọjọ́ ọ́ọ̀fù kejì, aago 7 àárọ̀.

Bí ó bá ń lo oògùn nígbà tó bá jí, wákàtí tó máa wà láàrin ẹyọ kan sí ìkejì nìyí, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: 24, 26, 24, 24, 32, 21 ààbọ̀, 18, 22 ààbọ̀. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí 192, ìyẹn ọjọ́ 8 gééré, a ò ṣi í ṣírò. Ẹyọ 8 náà pé, ṣùgbọ́n ẹ wo àárín rẹ̀: wákàtí 32 níbì kan, 18 níbòmíràn. Amúlódípíìnì lè mú un mọ́ra, nítorí pé ó máa ń pẹ́ lára. Ó ń gbà tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn mìíràn tí kì í pẹ́ lára ò ní fara da irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo wá bá yín sọ gan-an nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ mú ìránnilétí kúrò lọ́rùn aago, ẹ má kàn so ó mọ́ ohun àkọ́kọ́ tó bá wá sọ́kàn. Ẹ wá ohun tí ẹ ń ṣe ní gbogbo irú ọjọ́ tó wà nínú rósítà, tó sì jẹ́ pé ibi tó ń sún lọ kò jìnnà. Jíjí ni ohun tó ń sún jù lọ nínú ayé òṣìṣẹ́ ṣíìfù. Nọ́ọ̀sì wa yìí, kò sí ọjọ́ kan tí kì í jẹun nílé láàrin ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ dé, á jẹun láago 4. Kó tó lọ síṣẹ́ ọ̀sán, á ti jẹun láago 12. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ alẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, á jẹun láago 2 kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Láàrin alẹ́ méjèèjì, bó bá ṣe jí láago 3 ààbọ̀ báyìí, oúnjẹ ló kàn. Ọ́ọ̀fù àkọ́kọ́, aago 1 ààbọ̀. Ọ́ọ̀fù kejì, aago 2. Ẹ ṣírò ìyẹn náà: 24, 20, 24, 26, 25 ààbọ̀, 22, 24 ààbọ̀, 26. Àròpọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 192, ṣùgbọ́n àlàfo tó kéré jù di 20, èyí tó pọ̀ jù di 26. Oògùn kan náà, obìnrin kan náà, rósítà kan náà. Oúnjẹ ọ̀sán tí a jẹ nílé ló mú un tòrò, ó sì tún ní àǹfààní kan: oògùn wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, fóònù kò sí nínú lọ́kà.

Ó lè má jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán ni tiyín o. Ọlọ́dẹ kan tó ń ṣe ọ̀sẹ̀ kan lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kan lóru lè rí i pé ìwẹ̀ tó ń wẹ̀ kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù ni, tàbí pé àfi kó bá dókítà tún àsìkò yàn. Bébà kan àti bíírò ló máa sọ ọ́. Ẹ kọ irú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago tí ohun náà ń bọ́ sí, ẹ yọ wọ́n kúrò lára ara wọn. Ohun tí àlàfo rẹ̀ bá sún mọ́ 24 jù ni kẹ́ ẹ mú.

Ó kan fóònù. Ẹ má lo álàámù, kàlẹ́ńdà ni kẹ́ ẹ lò, nítorí pé álàámù ò mọ̀ ju ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lọ. Rósítà ọlọ́jọ́ 8 kì í sì bá ọ̀sẹ̀ rìn: bí iṣẹ́ alẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, ó di ọjọ́ 56 kí alẹ́ kan náà tó tún bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Nínú Google Calendar, ẹ kọ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìyípo náà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ `Does not repeat`, ẹ mú `Custom`, ẹ fi 8 síbi iye ọjọ́. Bí ẹ bá gbé e jáde sínú fáìlì láti gbé e lọ sínú kàlẹ́ńdà mìíràn, ohun tí ẹ máa rí nínú fáìlì náà nìyí:

```
RRULE:FREQ=DAILY;INTERVAL=8
```

Lẹ́yìn náà, ara iṣẹ́ náà ni kí ẹ so ìránnilétí mọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀ láago 2 á gba ìránnilétí wákàtí 2 ṣáájú, ìyẹn aago 12. Alẹ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láago 8 á gba wákàtí 6 ṣáájú. Alẹ́ kejì, wákàtí 4 ààbọ̀ ṣáájú, ẹ kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 270. Bẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ náà lọ sí ọjọ́ mìíràn, ìránnilétí á tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ni iṣẹ́ àárọ̀, torí pé lẹ́yìn iṣẹ́ ni oògùn tó kàn, kàlẹ́ńdà yìí kì í sì í ránni létí lẹ́yìn tí nǹkan bá parí. Ẹ kọ nǹkan kékeré mìíràn sí aago 4 ọjọ́ náà, ẹ pè é ní ‘Oúnjẹ, oògùn’. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ní ọjọ́ ọ́ọ̀fù.

Ìró kàlẹ́ńdà kì í le bíi ti álàámù, ẹ̀ẹ̀kan ló máa dún. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú bíírò, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sẹ́yìn káàdì oògùn, lórí bébà fàdákà yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan: A fún iṣẹ́ àárọ̀, Ọ fún ọ̀sán, L fún alẹ́, F fún ọ́ọ̀fù. Nọ́ọ̀sì tó jí láago 3 ààbọ̀ ọ̀sán kì í dá a mọ̀ bóyá àná tàbí òní ló lo oògùn kẹ́yìn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ la ọ̀gànjọ́ kọjá. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń lo ẹyọ méjì. Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn káàdì á dá a lóhùn. Lẹ́yìn ìyípo kan, ó yẹ kí ẹ rí AAỌỌLLFF. Bó bá jẹ́ AAỌỌLF lẹ rí, ẹ ti mọ ibi tó ti ń jò, ìránnilétí alẹ́ kan àti ti ọ́ọ̀fù kan lẹ máa tún ṣe, ẹ ò ní da gbogbo rẹ̀ nù. Bí ẹyọ kan bá sì fo yín tí àsìkò èyí tó kàn ti sún mọ́lé, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló lè máa bá rósítà rìn o. Oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí oní-hòmóònù kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n sábà ń fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, àwọn irú rẹ̀ àtijọ́ ò fàyè gbà ju wákàtí 3 lọ. Èyí gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn aago kan pàtó, kẹ́ ẹ sì wá aago tí ẹ kì í sùn ní gbogbo irú ọjọ́. Ẹni tó ń gún ińsúlíìnì kò gbọ́dọ̀ sún un fúnra rẹ̀, kó gbé rósítà lọ bá dókítà. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá ní èyí tó ń mú ni tọ̀ nínú, aago 2 tí nọ́ọ̀sì wa fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ yẹn kò dára, ìtọ̀ ò ní jẹ́ kó sùn. Jíjí ló dára fún irú èyí.

Ìyá kan béèrè níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà pé: “Bùọ̀dá, tiwa ò ní ìyípo kankan. Mètírọ́ọ̀nù ló ń lẹ rósítà oṣù mọ́ ògiri bó ṣe wù ú, a tún máa ń ṣe pààrọ̀ láàrin ara wa ńkọ́?” Mo ní, ẹ ṣé mà, ti ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹ má fi 8 síbẹ̀ rárá. Ẹ ya fọ́tò rósítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, ẹ jókòó, ẹ kọ oṣù yẹn sínú kàlẹ́ńdà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa dà á kọ láti ara irú iṣẹ́ kan náà kí ìránnilétí rẹ̀ lè bá a wá. Bí ẹ bá ṣe pààrọ̀, ẹ sún iṣẹ́ náà nínú fóònù kí ẹ tó sọ fún ẹni tí ẹ jọ pààrọ̀ pé ‘ó dáa’. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e: bí àlàfo kan bá ti kọjá wákàtí 30 nítorí pààrọ̀ náà, ẹ mú oògùn dání lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.