Sátidé àjẹsára: ẹ wá káàdì ọmọ jáde láti alẹ́ Fúráìdé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Àlájà, ẹ̀yin bàbá ọmọ náà. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, aago 8 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, wọ́n máa fún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wa ní Ìlọrin níbí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Káàdì ọmọ lẹ máa kọ́kọ́ wá o, láti alẹ́ Fúráìdé ni kẹ́ ẹ ti wá a, torí abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì lòmíì wà, òmíì wà nínú báàgì tẹ́ ẹ gbé lọ sí ìkómọ ọmọ ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká fi káàdì ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ oṣù 16 ló ni ín. Ó gba ti ọjọ́ ìbí, ó gba ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ó tún gba ti oṣù 9, èyí tí ti èéyi àti ti ibà pọ́njú wà nínú ẹ̀, ni ìyá ẹ̀ bá ní ó ti parí. Kò tíì parí o. Ìsàlẹ̀ káàdì yẹn, wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀: èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, oṣù 15 ló yẹ kó gbà á. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣiṣẹ́ lára gbogbo ọmọ, ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń dáàbò bo àwọn tó kù. Nọ́ọ̀sì ò sì lè wo ojú ọmọ kó mọ̀, àpá kékeré tó wà lápá yẹn, ti ọjọ́ ìbí nìkan nìyẹn.

Tí káàdì bá ti sọnù, ẹ ṣáà gbé ọmọ wá, ẹ sọ ibi tó ti ń gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n lè wo ìwé wọn. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ló máa gbé e wá, ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ àti nọ́ńbà fóònù ìyá ẹ̀ sí pépà fún wọn. Ẹ ò rántí ọjọ́ ìbí? Ẹ rántí ọjọ́ ìkómọ, kẹ́ ẹ yọ ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn.

Ẹ tètè dé o. Lúbúlúbú ni oògùn èéyi, ìgò kan ń tó ọmọ 10, tí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní, èyí tó bá kù wọ́n máa dà á nù ni, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi lè ní kẹ́ ẹ dúró kí ọmọ mìíì dé kó tó já tuntun. Aṣọ tí apá ẹ̀ rọrùn láti ká sókè ni kẹ́ ẹ wọ̀ fọ́mọ. Ikọ́ díẹ̀ tàbí kátà díẹ̀ ò ní kó má gbà á, àmọ́ tí abẹ́rẹ́ kan bá ti bá a jà gidi rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gún un.

Ẹ jókòó níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ẹ má fi omi gbígbóná tàbí róòbù pa ojú ibẹ̀. Ti èéyi lè mú kí ara gbóná lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kì í sábà pẹ́ lọ. Tó bá gbóná jù tàbí tí ọmọ ò mu ọyàn, ẹ gbé e padà wá, kẹ́ ẹ mú káàdì yẹn dání.