Ojú-ewé wo ló ń pàdánù àlejò ní tòótọ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ́jú ìkànnì ìlú, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé iṣẹ́ níbí ní Adó-Èkìtì, mo kí yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ó dá lé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí a máa ń fà jáde láti inú Google Analytics, tó ń sọ ojú-ewé tí àlejò rẹ̀ ń pọ̀ sí i àti èyí tí àlejò rẹ̀ ń dín kù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun kan náà ni mo ń rí: ojú-ewé tó já wálẹ̀ gììrì la máa ń sáré lọ bá, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ó fa ìròyìn náà. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún mọ̀ pé ọjọ́ méje kan lè ní ọjọ́ ọjà méjì, kí ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e ní ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá fi owó méjèèjì wéra láìbéèrè ọjọ́ ọjà yóò ní ìyá kò rí tà mọ́. Ìkànnì náà ní ọjọ́ ọjà tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ odindi ni kí ẹ mú, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì fi í wé ọ̀sẹ̀ odindi. Ẹ má fà á láàárọ̀ ọjọ́ Ajé o. Google Analytics lè lo wákàtí 24 sí 48 kó tó ka gbogbo àlejò tán, ọjọ́ Àìkú yín yóò sì dà bí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ọjọ́rú ni mo máa ń fa tèmi.

Ibi tí ẹ ó lọ ni Reports, lẹ́yìn náà Engagement, lẹ́yìn náà Pages and screens. Ẹ ó rí Views, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú-ewé kan, ẹ ó sì rí Active users, ìyẹn iye ènìyàn. Views ni kí ẹ lò tí ẹ bá fẹ́ ro nǹkan pọ̀. Ẹni tó bá ka ojú-ewé mẹ́ta, wọ́n á kà á mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí ẹ bá wá ro iye ènìyàn gbogbo ojú-ewé pọ̀, ẹnì kan á di mẹ́ta.

Ó yá, ẹ wo pátákó. Èmi ni mo kọ iye wọ̀nyí kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká ní a ní ìkànnì tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ibi tó yẹ ní wíwò ní Èkìtì, tí a sì ń wo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọdún Àjíǹde. Ojú-ewé Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kúrò ní 640 bọ́ sí 380. Ti ìsun omi Àríntà ní Ìpólé-Ìlórò kúrò ní 190 bọ́ sí 178. Ti bí a ṣe ń gún iyán kúrò ní 9, ó di 27.

Ọ̀gá tó bá sáré ka ìròyìn yìí yóò yọ̀ mọ́ iyán, torí ó di ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìgbà 18 péré ni wọ́n fi ṣí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni méjì tó fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí Wásáàpù lè fa ìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ títí a ó fi rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.

Ìkógòsì ni ọ̀gá yóò wá pariwo lé lórí, torí 260 ti lọ. Kí a tó ké, ẹ jẹ́ ká béèrè ẹnu ọ̀nà tí àwọn àlejò náà ń gbà wọlé. Ẹ tẹ àmì àròpọ̀ tó wà lórí tábìlì, kí ẹ mú Session source / medium. Ẹ wò ó: àwọn tó gba orí Gúgù wá jẹ́ 300, wọ́n di 290. Àwọn tó wá láti Fesibúùkù jẹ́ 310, wọ́n di 60. Àwọn yòókù jẹ́ 30, wọn kò yí padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dá. Ẹnì kan ló gbé fọ́tò Ìkógòsì sórí Fesibúùkù lọ́sẹ̀ Àjíǹde, àwọn ènìyàn tẹ̀ ẹ́, ọdún sì parí. Ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jókòó pọ̀: 385, 370, 640, 380. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yàtọ̀, kì í ṣe tòní. Kò sí ohun tó ṣe ojú-ewé yìí.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin Àríntà náà jókòó: 216, 203, 190, 178. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bíi 13 péré ló ń lọ, ojú kì í tó o. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 38 ti lọ nínú 216. Nígbà tí mo sì wo ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pátá, ọ̀nà Gúgù ni. Èyí ni ìṣòro tòótọ́. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí irú rẹ̀, torí ẹni tó kọ ojú-ewé náà kì í mọ̀ títí yóò fi ṣófo.

Google Search Console ni yóò sọ irú àìsàn tó jẹ́. Ó ń sọ iye ìgbà tí ojú-ewé yín fara hàn fún ẹni tó ń wá nǹkan, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ipò tó wà. Bí fífarahàn kò bá dín kù, ṣùgbọ́n tí ipò kúrò ní 3 tó di 6, àwọn ènìyàn ṣì ń béèrè Àríntà, ẹlòmíràn ló ń dá wọn lóhùn. Ẹ lọ ka ohun tí àwọn tó wà lókè yín kọ. Bóyá wọ́n sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé ibẹ̀, tí tiyín kò sọ ọ́. Bí ipò bá dúró, tó jẹ́ pé fífarahàn ló dín kù, àwọn ènìyàn ni kò béèrè mọ́. Títún ojú-ewé kọ kò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí ó dùn mí títí dòní. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá kan pé ojú-ewé kan ti kú, àlejò rẹ̀ ti di òfo. Wọ́n pe arábìnrin tó kọ ọ́, wọ́n bá a wí. Ojú-ewé náà kò kú rárá. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n yí padà láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo àlejò sì wà lórí ìlà mìíràn nísàlẹ̀ tábìlì:

```
/aso-oke
/aso-oke/
```

Ojú ènìyàn rí i bí ọ̀kan náà. Google Analytics kà á sí méjì nítorí ìlà kékeré tó wà nípárí. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arábìnrin náà. Láti ìgbà náà, tí ojú-ewé kan bá di òfo lójijì, mo máa ń kọ́kọ́ wá ìbejì rẹ̀ nínú tábìlì, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.

Ìyá kan ní iwájú béèrè pé, “Ṣé kò ní dára ká fi ọ̀sẹ̀ yìí wé ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dún tó kọjá?” Ó dára, mà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọdún tó ń rìn. Àjíǹde 2024 bọ́ sí 31 oṣù Kẹta. Ti 2025 bọ́ sí 20 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kàlẹ́ńdà wé ara wọn yóò fi ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún wé ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni kí ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Search Console ń tọ́jú oṣù 16, nítorí náà ti èṣín ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ bá dé ti ọdún yìí.